Ẹ Kọ́kọ́ Wo Igun Báàgì Náà

Fọ́tò mẹ́fà ni àbúrò mi kan fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù ní alẹ́ Sátidé kan. Báàgì Kẹ́lì ni, ti ilé iṣẹ́ Hẹ́mẹ́sì ní ìlú Páríìsì, oríṣi èyí tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28. Awọ rẹ̀ dúdú, irin ara rẹ̀ ń kọ mànà bíi wúrà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó sanwó. Ẹni tó ń tà á ní àwọn méjì mìíràn ti ń bèèrè rẹ̀.” Owó tí wọ́n pè é tó ra mọ́tò tòkunbọ̀ kékeré kan.

Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fi iwájú báàgì hàn láti òkèèrè. Òmíràn fi orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sára awọ hàn, òmíràn fi àgádágodo kékeré tó wà lára rẹ̀ hàn. Àwọn mẹ́ta tó kù jẹ́ ti páálí aláwọ̀ ọsàn, ti àpò aṣọ tí wọ́n fi ń kó báàgì sí, àti ti rìsíìtì. Gbogbo wọn dára lójú. Mo dá a lóhùn pé mi ò tíì rí nǹkan kan. Orúkọ, páálí àti rìsíìtì wà lára ohun tó rọrùn jù lọ fún ẹni tó ń ṣe ayédèrú, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń bá a ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ rí ni òwú àti igun. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń gba wákàtí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, wákàtí yẹn gan-an sì ni ayédèrú sábà máa ń jí.

Kí n tó sọ ohun tí mo ní kó lọ gbà wá, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rán báàgì yìí, nítorí ẹni tí kò mọ bí ọwọ́ ṣe rìn kò lè mọ ohun tí ojú òwú ń sọ.

Nígbà tí Tiẹ́rì Hẹ́mẹ́sì dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1837, báàgì obìnrin kọ́ ló ń ṣe. Ìjánu àti okùn ẹṣin ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi gàárì kún un. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń rán gàárì ni wọ́n gbé wọ inú báàgì nígbà tó yá, orúkọ gàárì náà sì ni wọ́n ṣì fi ń pe irú rírán bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ọmọ Ọ̀yọ́ á tètè yé ohun tó fà á: ẹni tó wà lórí ẹṣin tó ń sáré kò ní fẹ́ kí òwú gàárì tú mọ́ òun nídìí.

Bí wọ́n ṣe ń rán gàárì nìyí. Oníṣẹ́ awọ á kọ́kọ́ mú irin eléyín kan tó dà bíi fọ́ọ̀kì, á fi tẹ àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí awọ, kí ibi tí òwú máa gbà lè jìnnà síra bákan náà. Lẹ́yìn náà ni á mú irin ẹnu ṣóńṣó, irú èyí tó máa ń wà lọ́wọ́ àwọn ṣúmékà, á fi lu àmì kọ̀ọ̀kan já. Òwú kan ṣoṣo ló ń lò, òwú ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi ìda oyin pa, àmọ́ abẹ́rẹ́ méjì ló wà lára òwú náà, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ méjèèjì ló máa gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, kó tó fà á le. Bí òwú bá já níbì kan lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, èyí tó kù á dúró síbi tó wà.

Máṣíìnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òwú méjì ló ń lò, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti inú bọ́bìn nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á sì kọ́ ara wọn lọ́rùn láàrin awọ. Bí ọ̀kan bá já, tí ẹ fà á, ó lè máa tú lọ. Ohun kejì tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń wo fọ́tò: máṣíìnì kì í sàmì sílẹ̀ kó tó rán. Bó ṣe ń fa awọ síwájú ni sítíìṣì rẹ̀ ń gùn tàbí kúrú. Lórí awọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lè rán gún régé ju ọwọ́ èèyàn lọ. Bó bá dé ibi tí awọ ti nípọn lójijì, fífà rẹ̀ á yí padà, sítíìṣì á sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, mo ṣì máa padà sí i.

Ní ti iye sítíìṣì, àwọn irin eléyín ilẹ̀ Faransé ní nọ́ńbà lára. Nọ́ńbà náà ń sọ iye eyín tó wà nínú ìwọ̀n ìnṣì àtijọ́ wọn, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 27. Irin nọ́ńbà 8 á fi nǹkan bíi mìlímítà 3.4 sáàrin ihò méjì, nọ́ńbà 10 á fi 2.7 sí i. Iṣẹ́ báàgì tó gbámúṣé sábà máa ń bọ́ sáàrin àwọn méjèèjì yìí. Ìyẹn ni pé nínú sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹ máa ka nǹkan bí ọgbọ̀n sítíìṣì sí mẹ́tàdínlógójì. Nínú iṣẹ́ àṣeyára, ẹ lè ka mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ìyára nìkan ló fà á. Awọ tí kò dára kò lè gba ihò púpọ̀. Bí ihò bá sún mọ́ra jù lórí awọ tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ gúlù, tàbí lórí rọ́bà tí wọ́n pè ní awọ, ńṣe ló máa ya lójú ihò bí ìgbà tí èèyàn ń ya rìsíìtì kúrò lára ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú mọ èyí, ó sì ń ta sítíìṣì rẹ̀ jìnnà síra kó lè pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní iye kan pàtó pé bó bá ti jẹ́ báyìí, ojúlówó ni. Irú báàgì, bó ṣe tóbi tó, awọ tí wọ́n fi ṣe é àti ibi tí sítíìṣì wà lára rẹ̀ ló ń pinnu bí sítíìṣì ṣe máa gùn. Ìwọ̀n tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni kí ẹ fi báàgì náà wé ara rẹ̀: apá ọ̀tún pẹ̀lú apá òsì, ibi títẹ́ pẹ̀lú ibi tó kọ́lọkọ̀lọ. Ẹni tó fi irin kan náà sàmì sí apá méjèèjì kò ní rí mẹ́tàdínlógún ní ọ̀tún kó rí mẹ́rìnlá ní òsì.

Mo ní kí àbúrò mi bèèrè fọ́tò mẹ́rin péré: igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, igun ìsàlẹ̀ òsì, etí báàgì ní ẹ̀gbẹ́ kan, àti ẹ̀yìn ọmọrí báàgì níbi tí òwú parí sí. Mo ní kí ẹni tó ń tà á fi rúlà lé ẹ̀gbẹ́ òwú náà, kí rúlà àti òwú jọ wà lórí awọ kan náà. Kó yà á ní ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí fóònù kọjú sí awọ gbọọrọ. Bí fóònù bá dagun, sítíìṣì tó wà lókèèrè á dà bí ẹni pé ó sún mọ́ra ju èyí tó wà nítòsí lọ, ẹ ó sì ka irọ́. Kó pa ohun tó ń mú kí ojú dán nínú kámẹ́rà, nítorí bó ṣe ń nu ìlà ojú èèyàn dànù náà ló ń nu ihò abẹ́rẹ́ dànù. Kó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ìwé, nítorí Wọ́sáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀, ohun kékeré tí a ń wá sì ni ó kọ́kọ́ máa ń sọnù.

Ọjọ́ méjì kọjá kí fọ́tò náà tó dé. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn méjì tó ń bèèrè ti pòórá.

Mo kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ báàgì níbi tó tẹ́. Mo fi ìka mi fẹ fọ́tò náà, mo sì ka àlàfo tó wà láàrin ihò, torí ẹni tó bá ka ihò fúnra rẹ̀ á fi ọ̀kan lé e. Nínú sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, mo rí mẹ́tàlá. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jìnnà síra ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè dá a lẹ́bi fún ìyẹn nìkan.

Mo wá tẹ̀lé òwú náà lọ sí igun. Kẹ́lì pín sí oríṣi méjì. Nínú ọ̀kan, wọ́n á rán an ní òdì, wọ́n á wá yí inú rẹ̀ síta, igun rẹ̀ á sì rọ̀. Nínú èkejì, etí awọ dojú kọ ìta, èèyàn á rí etí náà àti òwú tó yí i ká, igun rẹ̀ á sì mú gírígírí. Èkejì yìí ni wọ́n ní àwọn ń tà fún àbúrò mi. Nínú irú èyí, awọ iwájú, awọ ẹ̀gbẹ́ àti èyí tó ń mú un dúró ló pàdé ní igun, ibẹ̀ sì nípọn ju ibi yòókù lọ.

Nínú fọ́tò náà, bí òwú ṣe ń sún mọ́ ibi tó nípọn yìí ni sítíìṣì ń kúrú. Mẹ́rin tó ṣáájú igun kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ojú igun gan-an, sítíìṣì kan fò lọ gbọọrọ, ó gùn tó mìlímítà márùn-ún, lẹ́yìn náà ni òwú tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rán ti sàmì sílẹ̀ kó tó mú abẹ́rẹ́, nítorí náà nínípọn awọ kò lè sún ihò rẹ̀. Bó bá dé ibi tó kọ́lọkọ̀lọ, á gbé irin ńlá sílẹ̀, á mú èyí tó ní eyín méjì péré, á máa fi yí igun náà díẹ̀díẹ̀ kí àlàfo má bàa yàtọ̀. Kíkúrú níbi tó nípọn àti fífò níbi tó yí jẹ́ ìwà máṣíìnì tí awọ ń bá jà.

Àwọn kan á ti máa sọ pé àwọn gbọ́ pé dídagun ni kí àwọn wò, pé sítíìṣì ọwọ́ máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí òjò tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ti máṣíìnì sì ń dúró lórí ìlà gbọọrọ. Òótọ́ ni pé ti ọwọ́ máa ń dagun ní iwájú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ máṣíìnì kan wà tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ọ̀bẹ kékeré, tó ń gé awọ ní ìdagun, òwú inú rẹ̀ á sì dagun bákan náà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó gba ìdagun gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tí wọ́n sì kábàámọ̀. Ibi tí òwú parí sí sàn jù ú lọ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rán á padà sẹ́yìn ní ihò méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó rí òwú méjì lórí ara wọn níbẹ̀, á sì gé e mọ́ awọ. Òwú ọ̀gbọ̀ kì í yọ́ bí iná bá kàn án, jíjó ló ń jó. Òwú oníke ló ń yọ́. Nínú fọ́tò ẹ̀yìn ọmọrí báàgì tí wọ́n fi ránṣẹ́, kókó dúdú kékeré kan tó ń dán wà ní ìparí òwú, bí orí abẹ́rẹ́ onírun. Wọ́n fi ṣáná yọ́ ọ ni. Òwú yẹn kì í ṣe ọ̀gbọ̀.

Ó ku etí. Ní irú Kẹ́lì yìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ awọ pọ̀ tí wọ́n sì ti rán an, wọ́n á fá etí rẹ̀, wọ́n á fi ìwé yanrìn dán an, wọ́n á pa á láró, wọ́n á fi ìda pa á, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, awọ mẹ́ta á dà bí ẹyọ kan. Ayédèrú máa ń gba ọ̀nà kúkúrú: á da ọ̀dà tó nípọn lé etí náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n bá kun èékánná. Ní ojú ibi tó tẹ́, ọ̀dà náà lè dára lójú. Ní igun, ó máa ń kórajọ, á wú díẹ̀, ẹlòmíràn a tiẹ̀ ṣàn dé orí òwú. Bí báàgì bá sì ti ṣí tó sì ti pa dé nígbà mélòó kan, á sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èyí tí mo rí sán ní igun òsì, ìlà gúlù funfun sì hàn láàrin awọ méjì níbi tó ti sán. Báàgì tí wọ́n sọ pé kò jáde rárá nìyẹn o.

Kí n má bàa ṣini lọ́nà, ọ̀dà etí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ní Ítálì ń kun etí báàgì wọn, wọ́n sì ń dán an láàrin ìkùn kan sí èkejì títí á fi tẹ́ mọ́ awọ. Ẹ wo bó ṣe dúró ní igun. Bó bá jẹ́ báàgì tòkunbọ̀, ẹ wo bí igun náà ṣe gbó pẹ̀lú, nítorí báàgì máa ń gbó láti igun. Igun awọ gidi á ṣí láwọ̀, á rọ̀, irun awọ á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Igun awọ oníke á bó bí awọ ejò, ẹ ó sì rí aṣọ tí wọ́n hun nísàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ẹ̀rí mìíràn lórí fọ́tò tó yára tó ìyẹn.

Ìdájọ́ mi lórí báàgì àbúrò mi kò pẹ́: máṣíìnì ló rán an, òwú oníke ni wọ́n fi rán an, ọ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi bo etí rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tako ohun tí irú Kẹ́lì yẹn jẹ́. Ká ní ọ̀kan péré ni mo rí ni, mi ò bá ní kó tún bèèrè fọ́tò mìíràn.

Bí ó bá wá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ dára ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Fọ́tò lè dá báàgì lẹ́bi, kò lè dá a láre. Ní oṣù Keje 2025, báàgì Bákìn àkọ́kọ́, èyí tí Hẹ́mẹ́sì ṣe fún òṣèré Jéènì Bákìn fúnra rẹ̀, di mílíọ̀nù 8.6 yúrò níbi ìdíje títà kan ní Páríìsì. Báàgì lásán tí ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe kò sún mọ́ iye yẹn, síbẹ̀ owó rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ayédèrú kan ti wà báyìí tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi rán wọn, pẹ̀lú òwú ọ̀gbọ̀ àti irin eléyín. Kíka sítíìṣì kò lè mú irú ìyẹn. Awọ, irin, àti ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹni tó mọṣẹ́ fi ń mú un, kò sì sí èyí tó lè gba inú fóònù kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò tó dára lè jẹ́ ti báàgì ẹlòmíràn tí wọ́n jí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ rà á àti ọjọ́ òní sórí bébà, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igun náà nínú fọ́tò kan náà.

Ohun kan tún wà. Bí sítíìṣì bá gún régé jù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹ kò rí èyí tó fì díẹ̀ tàbí tó le díẹ̀ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ẹ má yára yọ̀. Ọwọ́ èèyàn máa ń mí. Àlàfo á dọ́gba nítorí irin ló ṣe é, ṣùgbọ́n bí òwú ṣe sùn nínú ihò á máa yàtọ̀ wẹ́rẹ́ láti ọ̀kan dé èkejì.

Àbúrò mi kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á pé òun kò rà á mọ́. Kò bá a jà. Kàkà kí ìyẹn dáhùn, ńṣe ló dí nọ́ńbà rẹ̀ pa, báàgì kan náà sì tún yọ lórí ojú òpó mìíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú fọ́tò mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sanwó kí igun méjèèjì àti rúlà tó wọlé sórí fóònù yín.